Ẹ Fúnra Yín Tún Un Ṣírò: Gbèsè Inú Ìwé Ọdọọdún Ilé-iṣẹ́

Ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2018 ni Carillion kógbá sílé. Ilé-iṣẹ́ ńlá ni nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: ó ń kọ́ ilé-ìwòsàn, ó ń la títì, ó ń bá ìjọba tọ́jú ilé-ẹ̀kọ́ àti ọgbà ẹ̀wọ̀n. Lọ́jọ́ tó wó, gbèsè tó wà lọ́rùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bílíọ̀nù 7 pọ́n-ùn, owó tó sì kù lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju mílíọ̀nù 29 lọ. Bẹ́ẹ̀, ọdún kan kò tíì pé tó tẹ ìwé ìròyìn ọdọọdún rẹ̀ ti ọdún 2016 jáde, tí ọ̀dítọ̀ sì ti buwọ́ lù ú. Nínú ìwé yẹn, gbèsè tó jẹ àwọn ayánilówó ní ìparí ọdún, lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ owó ọwọ́ rẹ̀ kúrò, jẹ́ mílíọ̀nù 219 pọ́n-ùn. Owó àwọn onípìn-ín jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 730. Bí a bá fi 730 pín 219, ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún la ó rí. Iye yẹn kì í lé oorun lójú ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n àwọn òǹkà mìíràn wà nínú ìwé kan náà, tó jẹ́ pé bí èèyàn bá fi wọ́n ṣe ìṣirò kan náà, ìdáhùn tí yóò rí yàtọ̀ pátápátá. Mo máa padà sídìí wọn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ṣáájú ni pé òṣùwọ̀n tí ilé-iṣẹ́ bá tẹ̀ sí ojú ìwé ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán alága tó ń rẹ́rìn-ín, ẹnì kan ló jókòó yan bí òun ṣe fẹ́ ṣírò rẹ̀. Àwọn òǹkà tí ẹ ó fi ṣe tiyín wà lẹ́yìn nínú ìwé náà, òfin ló sì ní kí wọ́n fi wọ́n síbẹ̀.

Òṣùwọ̀n méjì ni mo máa ń kọ́kọ́ tún ṣe. Èyí àkọ́kọ́ ni kọ́rẹ́ǹtì réṣíò. Ìbéèrè tó ń bi ilé-iṣẹ́ kò le: gbogbo ohun ìní rẹ tó máa dowó láàárín ọdún kan sí àkókò yìí, ṣé ó tó san gbogbo gbèsè tí o gbọ́dọ̀ san láàárín ọdún kan náà? Èkejì ni gíárìn. Ìyẹn ń béèrè pé nínú owó tí o fi ń ṣòwò, mélòó ni o yá, mélòó sì ni ti àwọn tó ni ọ́? Ojú ìwé kan ṣoṣo ni òǹkà méjèèjì ti ń wá, èyí tí wọ́n ti ń to ohun ìní àti gbèsè ilé-iṣẹ́ bí wọ́n ṣe rí lọ́jọ́ tó kẹ́yìn ọdún. Àwọn oníṣirò àtijọ́ ń pè é ní báláǹsì ṣíìtì, orúkọ yẹn ni èmi náà yóò máa lò.

Kí ẹ tó tẹ òǹkà kankan sórí fóònù, ẹ wo orí tábìlì yẹn dáadáa. Bí ilé-iṣẹ́ náà bá ní àwọn ọmọ ilé-iṣẹ́ lábẹ́, ìlà òǹkà mẹ́rin ni ẹ máa rí: méjì fún gbogbo agbo ilé-iṣẹ́ lápapọ̀, ti ọdún yìí àti ti èṣí, méjì fún ilé-iṣẹ́ ìyá nìkan. Mo ti rí ẹni tó mú ohun ìní agbo, tó fi gbèsè ilé-iṣẹ́ ìyá pín in, tó wá ń yọ̀ pé ìpín òun ti rí ibi ìsádi. Ìlà kan náà ni kí ẹ bá lọ látòkè délẹ̀. Ẹ tún wo bóyá wọ́n kọ ₦'000 sórí rẹ̀. Bí ó bá wà níbẹ̀, 42,000,000 tí ẹ rí kì í ṣe mílíọ̀nù 42 náírà, bílíọ̀nù 42 ni. Kò ní ba pípín yín jẹ́ bí gbogbo òǹkà bá ti ibẹ̀ wá, ṣùgbọ́n nínú àlàyé ẹ̀yìn ìwé, tí wọ́n ń pè ní nọ́òtì, wọ́n lè kọ ọ́ ní mílíọ̀nù, ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń wọlé.

Ẹ jẹ́ ká wá fi ojú rí i. Mo fẹ́ mú ilé-iṣẹ́ ìyẹ̀fun kan tí mo fi ọwọ́ ara mi to òǹkà rẹ̀ láti fi ṣe àpẹẹrẹ. Kò sí níbì kankan. Ní ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀pẹ, ọjà àti àlìkámà tó wà ní sitọ́ọ̀ rẹ̀ jẹ́ bílíọ̀nù 18 náírà. Owó tí àwọn tó rajà láwìn kò tíì san jẹ́ bílíọ̀nù 14. Owó tí ilé-iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n jọ ní olówó kan náà jẹ ẹ́ jẹ́ bílíọ̀nù 6. Ó ti san owó ilé àti ìbánigbófò bílíọ̀nù 1 sílẹ̀, bílíọ̀nù 3 sì wà ní báǹkì. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ bílíọ̀nù 42. Lódì kejì, gbogbo gbèsè tó gbọ́dọ̀ san láàárín ọdún, ti àwọn tó tajà fún un láwìn, ti owó orí, ti báǹkì àti àwọn kéékèèké mìíràn, jẹ́ bílíọ̀nù 30.

42 ÷ 30 = 1.4

Iye tí wọ́n tẹ̀ síwájú ìwé náà nìyẹn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé fún gbogbo náírà kan tó máa san, náírà kan àti 40 kọ́bọ̀ wà nílẹ̀ dè é. Ìṣirò wọn tọ̀nà. Ibi tí iṣẹ́ tiwa ti bẹ̀rẹ̀ ni bóyá 42 yẹn jẹ́ 42 lóòótọ́, àti bóyá 30 yẹn kò ní di nǹkan mìíràn kí oṣù mélòó kan tó kọjá.

Ẹ mú bílíọ̀nù 6 tí ilé-iṣẹ́ ẹbí jẹ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òǹkà kọ̀ọ̀kan lórí báláǹsì ṣíìtì ni nọ́ńbà kékeré kan wà, nọ́ńbà nọ́òtì rẹ̀ ni. Ẹ tẹ̀ lé e lọ sẹ́yìn ìwé. Ká ní ẹ dé ibẹ̀, ẹ wá rí i pé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé gbèsè náà kò ní èlé, kò sì ní ọjọ́ kan pàtó tí wọ́n máa san án. Ẹ wá wo ìlà ti èṣí, ẹ rí i pé bílíọ̀nù 6 náà ló wà níbẹ̀. Gbèsè tí a kò dá ọjọ́ fún, tó sì ti lo ọdún kan gbáko láìdín kọ́bọ̀, kí ló fẹ́ mú un dowó lọ́dún tó ń bọ̀? Èmi máa ń yọ ọ́ kúrò. 42 di 36, 36 ÷ 30 sì jẹ́ 1.2.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí nọ́òtì tó ń sọ̀rọ̀ lórí owó tí wọ́n yá. Ilé-iṣẹ́ ìyẹ̀fun wa yìí ní bílíọ̀nù 8 tí kò ní tó san títí di ọdún mẹ́ta sí i, ìdí nìyẹn tí kò fi sí nínú 30. Ṣùgbọ́n báǹkì kì í yáni lówó láìfi okùn sí i. Nọ́òtì náà sọ pé ilé-iṣẹ́ ṣèlérí pé kọ́rẹ́ǹtì réṣíò òun kò ní wálẹ̀ ju 1.2 lọ, àti pé ọjọ́ 30 oṣù Òkúdù ni wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá kùnà, báǹkì lẹ́tọ̀ọ́ láti gba gbogbo bílíọ̀nù 8 náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Òfin ìṣirò àgbáyé tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ IAS 1, èyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà tó wà lórí pákó ìdókòwò náà ń tẹ̀ lé, ṣe àtúnṣe lórí ọ̀ràn yìí, láti ọjọ́ 1 oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2024 ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé ní ọjọ́ ìparí ọdún gan-an ló yẹ kí ilé-iṣẹ́ ti mú ìlérí náà ṣẹ, tí kò sì mú un ṣẹ, gbèsè náà gbọ́dọ̀ wá sáàárín àwọn tó máa san láàárín ọdún, àfi bí báǹkì bá ti dá a lára yá ṣáájú ọjọ́ yẹn. Lẹ́tà àánú tí báǹkì bá kọ lọ́sẹ̀ kejì lẹ́yìn ìparí ọdún kò wúlò fún èyí. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìlérí tí wọ́n máa yẹ̀ wò lẹ́yìn ìparí ọdún ni, bíi ti ilé-iṣẹ́ wa yìí, wọ́n lè fi gbèsè náà sílẹ̀ níbi tó wà. Kìkì pé wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú nọ́òtì pé ìlérí náà wà, pẹ̀lú ohunkóhun tó bá ń fi hàn pé ó lè ṣòro fún wọn láti mú un ṣẹ. Nítorí náà, ilé-iṣẹ́ kò rú òfin. Kò pa irọ́ kankan. Àwa la máa béèrè pé: bí báǹkì bá gba owó rẹ̀ ńkọ́? 30 máa di 38, 36 ÷ 38 sì jẹ́ 0.95. Láti 1.4 a ti dé ibi tí owó tó wà nílẹ̀ kò tó gbèsè mọ́, kò sì sí òǹkà kan tí a lò tí kò sí nínú ìwé wọn.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọjọ́ ìparí ọdún yẹn, nítorí ohun kan wà níbẹ̀ tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Ká sọ pé lọ́jọ́ mẹ́ta ṣáájú ìparí ọdún, owó tó wà ní báǹkì ilé-iṣẹ́ wa jẹ́ bílíọ̀nù 13, gbèsè àárín ọdún rẹ̀ sì jẹ́ 40. Ohun ìní rẹ̀ nígbà yẹn jẹ́ 52; 52 ÷ 40 = 1.3. Ó wá mú bílíọ̀nù 10 nínú owó náà, ó fi san àwọn tó tajà fún un. Ohun ìní di 42, gbèsè di 30, òṣùwọ̀n di 1.4. Kò jèrè kọ́bọ̀, kò ta àpò ìyẹ̀fun kan, síbẹ̀ òṣùwọ̀n ti gòkè. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn nígbàkúùgbà tí òṣùwọ̀n bá ti ju 1 lọ. Bó bá kéré sí 1, òdìkejì ló máa ń ṣẹlẹ̀: sísan gbèsè yóò tún fà á sílẹ̀ ni. Bí ẹ bá ríbi tí owó báǹkì àti gbèsè ọlọ́jà ti jọ wálẹ̀ lójijì lọ́jọ́ kan ṣoṣo lọ́dọọdún, tí ìwé oṣù mẹ́ta-mẹ́ta tí ilé-iṣẹ́ ń tẹ̀ jáde kò sì jọ ọ́, ẹ ti mọ ohun tí ẹ ń wò.

Ó wá kan gíárìn. Ìyá kan tó jẹ́ olùkọ́ kó tó fẹ̀yìn tì gbé ìwé ọdọọdún kan wá bá mi nígbà kan, ó ní, “Ọmọ mi, mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, kò bá tiwọn mu. Àbí ojú mi ni?” Mo ní, “Rárá o, Mà, ojú yín mọ́ kedere.” Gíárìn kò ní ọ̀nà ìṣirò kan tí òfin fọwọ́ sí. Ọ̀nà tí ilé-iṣẹ́ bá fẹ́ ló ń gbà ṣe é, ìwé Mà sì ti fi ọ̀nà tirẹ̀ pamọ́ sínú lẹ́tà wínníwínní nísàlẹ̀ ojú ìwé.

Ẹ padà sí ilé-iṣẹ́ ìyẹ̀fun. Owó tó yá lọ́wọ́ báǹkì tó máa san láàárín ọdún jẹ́ bílíọ̀nù 9, èyí tó máa san lẹ́yìn ìgbà náà jẹ́ 8, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 17. Owó àwọn onípìn-ín jẹ́ 34. Bí ẹ bá fi 34 pín 17, ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Bí wọ́n bá kọ́kọ́ yọ bílíọ̀nù 3 tó wà ní báǹkì kúrò nínú gbèsè, ó di 14 ÷ 34, ìyẹn ìdá 41. Bí wọ́n bá tún wá fi gbèsè náà kún owó onípìn-ín kí wọ́n tó pín in, ó di 14 ÷ 48, ìdá 29. Ilé-iṣẹ́ wa tẹ 29 jáde. Lẹ́yìn náà ni ẹ máa wo owó ilé àti ọkọ̀ tí wọ́n háyà fún ọdún pípẹ́. Láti ọdún 2019 ni òfin tí wọ́n ń pè ní IFRS 16 ti ní kí wọ́n máa kọ ọ́ sílẹ̀ bíi gbèsè lórí báláǹsì ṣíìtì, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kì í kà á mọ́ gbèsè nígbà tí wọ́n bá ń ṣe gíárìn. Bó bá jẹ́ bílíọ̀nù 4, 17 di 21, 21 ÷ 34 sì jẹ́ ìdá 62. Láti 29 dé 62, ilé-iṣẹ́ kan náà, ọjọ́ kan náà! Ọ̀nà tí ẹ bá yàn kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan. Ohun tó ṣe kókó ni pé kí ẹ lo ọ̀nà kan ṣoṣo fún ọdún méjèèjì tó wà lórí tábìlì, àti fún gbogbo ilé-iṣẹ́ tí ẹ bá fẹ́ fi wé ara wọn. Bí ilé-iṣẹ́ bá yí ọ̀nà tirẹ̀ padà láàárín ọdún kan sí èkejì, kí ẹ̀yin má yí tiyín.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí Carillion. Ó ní ètò kan pẹ̀lú àwọn báǹkì láti ọdún 2013. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ fún un lè dúró tó 120 ọjọ́ kí owó rẹ̀ tó jáde. Bí kò bá lè dúró, ó lè lọ gba owó náà ṣáájú lọ́wọ́ báǹkì, báǹkì á gé díẹ̀ lára rẹ̀, Carillion á sì san án padà fún báǹkì nígbà tó bá yá. Ta ni wọ́n wá jẹ lówó? Báǹkì ni. Ṣùgbọ́n lórí báláǹsì ṣíìtì, àárín owó àwọn oníṣẹ́ ni wọ́n kó o sí, lábẹ́ “àwọn gbèsè mìíràn.” Ìlà yẹn kúrò ní mílíọ̀nù 263 pọ́n-ùn lọ́dún 2012, ó di mílíọ̀nù 761 lọ́dún 2016. Ó fi 498 lé sí i. Lẹ́yìn tí ilé-iṣẹ́ náà ti wó, Moody's, tó ń gbé àwọn tó ń yáwó lé ìwọ̀n káàkiri àgbáyé, sọ pé iye tó tó mílíọ̀nù 498 ló yẹ kí wọ́n ti kà mọ́ owó tí wọ́n yá lọ́wọ́ báǹkì. Ẹ fi kún 219, ó di 717. 717 ÷ 730 jẹ́ ìdá 98. Ìdá 30 tí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ti fi ju ìlọ́po mẹ́ta lọ.

Ohun kan wà níbí tí kò yẹ kí ẹ fojú fò. Bí ẹ bá gbé 498 yẹn kúrò ní ìlà àwọn oníṣẹ́ lọ sí ìlà báǹkì, kọ́rẹ́ǹtì réṣíò kò ní yí padà rárá, nítorí gbèsè tó máa san láàárín ọdún ni ní ìlà méjèèjì. Ẹni tó bá ń wo òṣùwọ̀n kan ṣoṣo kò lè rí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ṣe méjèèjì pọ̀.

Ìwé náà tún fi iye tí gbèsè rẹ̀ jẹ́ ní ìpíndọ́gba láàárín ọdún hàn: mílíọ̀nù 587. Ìyẹn ni pé 219 ti ọjọ́ ìparí ọdún kò tó ìdajì ohun tó ń gbé lọ́rùn lójoojúmọ́. 587 ÷ 730 jẹ́ ìdá 80. Bó bá sì ṣe ti owó onípìn-ín fúnra rẹ̀ ni, bílíọ̀nù 1.57 ló wà nínú ohun ìní ilé-iṣẹ́ náà tó jẹ́ gúdúwíìlì, ìyẹn owó tó san lé iye ohun ìní àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn nígbà tó rà wọ́n. Kì í ṣe ilé, kì í ṣe ilẹ̀, ẹ kò lè gbé e lọ sọ́jà. Bí ẹ bá yọ ọ́ kúrò, 730 di àìní mílíọ̀nù 841, kò sì sí nǹkan kan mọ́ tí ẹ fẹ́ fi pín gbèsè. Gbogbo èyí ló wà lójú ìwé fún ẹni tó bá wá a, àfi ti ètò báǹkì nìkan tó fara pa mọ́. Nítorí irú rẹ̀, òfin ìṣirò yí padà: láti ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ tó bá ní irú ètò bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ iye rẹ̀ sínú nọ́òtì àti ìlà tó kó o sí.

Àwa náà ti rí i nílé pé ìdí owó onípìn-ín lè jò. Lọ́dún 2023 tí ìjọba tú náírà sílẹ̀, dọ́là kan kúrò ní nǹkan bíi náírà 461 lóṣù Ọ̀pẹ ọdún 2022, ó di nǹkan bíi 907 lóṣù Ọ̀pẹ ọdún 2023. Ilé-iṣẹ́ tó jẹ gbèsè dọ́là rí i tí gbèsè rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì ní náírà láìyá kọ́bọ̀ sí i. Owó onípìn-ín MTN Nàìjíríà di àìní nǹkan bíi bílíọ̀nù 41 náírà ní ìparí ọdún yẹn, ti Nestlé Nàìjíríà di àìní nǹkan bíi bílíọ̀nù 78. Bí ẹ bá fi irú òǹkà bẹ́ẹ̀ ṣe gíárìn, ìdá tó wà lábẹ́ òdo ni fóònù yóò gbé jáde, ẹlòmíràn á sì rò pé gbèsè wọn kéré. Kò túmọ̀ sí nǹkan kan. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi gíárìn sílẹ̀, ẹ wo bóyá èrè tí wọ́n ń jẹ lẹ́nu òwò tó san èlé.

Ẹ má sì gbé òṣùwọ̀n méjèèjì yìí lọ sọ́dọ̀ báǹkì tàbí ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò. Owó tí àwọn èèyàn tọ́jú sí báǹkì, gbèsè ni lójú báǹkì, iṣẹ́ rẹ̀ gan-an sì nìyẹn. Bákan náà, ilé ìtajà ńlá tó ń gba owó lọ́wọ́ oníbàárà lójú ẹsẹ̀, tó sì ń san ti àwọn tó kó ọjà fún un lẹ́yìn oṣù méjì, lè wà lábẹ́ 1 fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsí wàhálà. Àwọn tó jọ ń ṣòwò kan náà ni kí ẹ fi wéra.

Bí ìwé ọdọọdún ilé-iṣẹ́ tí ẹ ní ìpín nínú rẹ̀ bá dé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ẹ ka nọ́òtì owó tí wọ́n yá, ti owó tí wọ́n jẹ àwọn ọlọ́jà àti ti owó tí àwọn ilé-iṣẹ́ ẹbí jẹ wọ́n, kí ẹ tó ka ọ̀rọ̀ alága. Ẹ kọ òṣùwọ̀n méjèèjì tiyín sí ẹ̀gbẹ́ tiwọn. Bí wọn kò bá bá ara wọn mu, ẹ mú ìwé náà lọ sí ìpàdé gbogboogbò, ẹ na ọwọ́, kí ẹ béèrè pé òǹkà wo ni wọ́n lò.